Aṣọ Ìbàdàndùn Lójú Ẹ̀rọ Ayàwòrán

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 tí wọ́n ti tú Stable Diffusion sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ ni àwọn òǹkọ̀wé kan tí apá wọn kò ká owó ayàwòrán ti ń fi ẹ̀rọ ya èèpo ẹ̀yìn ìwé wọn. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù fún wọn ni kí wọ́n gbé fọ́tò kan fún ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí àwòkọ, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìtọ́ni sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì yan nọ́mbà kan tí yóò sọ bí ẹ̀rọ ṣe lè yà kúrò lórí fọ́tò náà tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé òṣùwọ̀n ni nọ́mbà yìí: àwòrán wà ní igbá kan, ọ̀rọ̀ wà ní igbá kejì, iṣẹ́ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ kò sì ju kí ó wá ibi tí igbá méjèèjì ti dọ́gba lọ. Èrò náà kò tọ̀nà. Ohun tí ó sì ń tètè bàjẹ́ nítorí rẹ̀ ni ohun tí òǹkàwé Yorùbá kò ní gbójú fò dá, ìyẹn ọnà ara aṣọ.

Kí a gbà pé ìwé ìtàn kan wà tí ó dá lórí ìyá aláró kan, tí olóòtú rẹ̀ sì ní fọ́tò ìyá kan tó jókòó ti ìkòkò aró lọ́sàn-án gangan. Ìbàdàndùn ni ìyá náà ró, ọ̀kan nínú àwọn àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì. Ẹni tó bá mọ aṣọ yìí mọ̀ pé òpó Gbọ̀ngán Mápó, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàrin òpó sí òpó. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń fa ẹ̀kọ sójú aṣọ náà, kí aró má baà wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Olóòtú fẹ́ kí fọ́tò ọ̀sán yìí di àwòrán ọ̀dà, kí ó di òru, kí òṣùpá àrànmọ́jú yọ sókè, kí ìyá náà, ìkòkò rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ sì wà bí wọ́n ṣe wà. Ìbéèrè kékeré ni lójú rẹ̀. Ohun tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kò ju èyí lọ:

```python
pipe(prompt="oil painting, night, full moon",
     image=foto, strength=0.6,
     guidance_scale=7.5,
     num_inference_steps=50).images[0]
```

Kí ni 0.6 yìí ń ṣe gan-an? Ẹ̀rọ yìí kì í ya àwòrán bí ọmọ ènìyàn ṣe ń yà á lórí ìwé funfun. Eruku àwọ̀ tí kò ní ètò kankan ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rí igi, tí kò rí ilé. Ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn ni ó fi ń gbọn eruku náà kúrò, ọ̀rọ̀ ìtọ́ni sì ń sọ fún un ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ohun tí ó yẹ kí ó máa rí nínú rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò bá wà nílẹ̀, ẹ̀rọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú eruku lásán mọ́. Yóò bu eruku sórí fọ́tò náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti agbedeméjì ọ̀nà. Ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni `strength` ń sọ. Bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ 50, tí nọ́mbà sì jẹ́ 0.6, ìgbésẹ̀ 30 péré ni ẹ̀rọ yóò gbé. Ó ti fo 20 àkọ́kọ́, nítorí ó gbà pé fọ́tò ti ṣe iṣẹ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ 0.3, ìgbésẹ̀ 15 ni. Bí ó bá jẹ́ 1, eruku ti bo fọ́tò pátápátá, bí ẹni pé kò sí rárá ni.

Èyí fi hàn pé kì í ṣe ìpín àwòrán àti ìpín ọ̀rọ̀ ni nọ́mbà náà ń wọ̀n. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò wọlé sọ́rọ̀ ni ó ń yàn. Ẹni tó dé ìpàdé lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ilẹ̀ tán lè sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà tí wọn yóò fi kun ilé, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí ilé yóò wà mọ́. Nínú ẹ̀rọ yìí, ìgbésẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ilẹ̀: ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ibi tí òkùnkùn wà, ibi tí ènìyàn jókòó sí. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ni ti ojú awọ, etí aṣọ, àti ìlà tín-ínrín.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Eruku kì í bo gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó bá kéré ni ó kọ́kọ́ ń bò. Bí ọyẹ́ ṣe máa ń gba ewé lójú ènìyàn kí ó tó gba ẹ̀ka, tí í gba ẹ̀ka kí ó tó gba igi, tí òkè ńlá sì ń hàn fírífírí títí di ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ni eruku ẹ̀rọ ṣe ń gba ṣíbí àti òpó ara aṣọ kí ó tó gba ìyá náà, tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó tàn sórí gbogbo fọ́tò sì ń kù títí eruku fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Ohun tí olóòtú fẹ́ pa mọ́ ni ó kọ́kọ́ ń lọ, ohun tí ó fẹ́ lé lọ ni ó sì ń kẹ́yìn kúrò. Kò sí nọ́mbà kan láàrin 0 àti 1 tí ó lè yí ètò yìí padà.

Ìṣirò inú ẹ̀rọ náà fìdí èyí múlẹ̀. Nínú Stable Diffusion àkọ́kọ́, nígbà tí nọ́mbà bá wà ní nǹkan bíi 0.35 ni agbára fọ́tò àti agbára eruku ti dọ́gba, kì í ṣe ní 0.5 bí ojú ṣe lè rò. Ní 0.5, ohun tó ṣẹ́kù nínú fọ́tò kò ju bíi 0.53 lọ, eruku sì ti di bíi 0.85. Ní 0.8, fọ́tò ti bọ́ sí bíi 0.19. Síbẹ̀, 0.19 yẹn ṣì tó láti jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé òkè àwòrán mọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

Bí olóòtú bá wá gbé fọ́tò rẹ̀ gba àwọn nọ́mbà wọ̀nyí kọjá, láìyí `seed` padà, kí eruku má baà yàtọ̀ láti orí ẹ̀yọ kan sí òmíràn, ohun tí yóò sábà rí kò ní ṣòro láti sọ tẹ́lẹ̀. Ní 0.3, fọ́tò náà yóò dà bí ohun tí wọ́n fi ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ kùn. Oòrùn ṣì ń ràn. Ìyá náà ṣì ni ìyá náà, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ìró rẹ̀, àwọn òpó ti ń wọ́, ṣíbí ti di àmì tí kò ní orúkọ. Ní 0.5, ọ̀dà ti hàn kedere, òru kò tíì dé. Àwọ̀ búlúù kan kàn bo ojú ọ̀run bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Aṣọ ti di ìlà wọ́gọwọ̀gọ. Láàrin 0.7 àti 0.8, òru dé, òṣùpá lè yọ. Nígbà náà, ojú ìyá ti di ojú ẹlòmíràn, ìkòkò aró lè ti di abọ́ tàbí agbada, aṣọ sì ti di áńkárá búlúù kan tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí wọ́n ti rà á. Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò sì mọ̀ pé ẹni tó ṣe ìwé náà kò mọ aṣọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ni kò tó, wọn yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀: òru dúdú, òru biribiri, òṣùpá rogodo, àdìrẹ gidi, àdìrẹ ilẹ̀ Yorùbá. Ìdí méjì ni kò fi ní ràn wọ́n lọ́wọ́. Èkíní ni pé apá ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ nínú Stable Diffusion àkọ́kọ́ kò lè gbà ju ègé ọ̀rọ̀ 77 lọ, méjì nínú wọn sì jẹ́ àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ohùn lórí máa ń fọ́ sí ègé púpọ̀, àyè náà a sì tètè kún. Èkejì ni ó wúwo jù. Àwòrán tí àkọlé èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ wọn ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà ní pàtàkì. Orúkọ bíi Ìbàdàndùn kò gbé àwòrán kankan lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Èèyàn lè kọ ọ́ nígbà mẹ́wàá, ìkòkò òfìfo ni yóò máa lù.

Nítorí náà ni àwòkọ fi ṣe pàtàkì fún òǹkọ̀wé Yorùbá ju fún ẹni tó ń ya ilé ìtura létíkun lọ. Ohun tí èdè ẹ̀rọ kò ní orúkọ fún, ojú nìkan ni ó lè sọ ọ́ fún un. Àbùkù ńlá sì ni pé ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti fi ojú bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ náà ni ó ń kọ́kọ́ pa àwọn ohun kékeré tí èdè rẹ̀ kò mọ̀.

Àwọn mìíràn yóò yíjú sí nọ́mbà kejì, `guidance_scale`, tí wọ́n máa ń pè ní agbára ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ máa ń fojú inú wo àwòrán lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan láìsí ọ̀rọ̀. Yóò wá mú ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì, yóò sì sọ ọ́ di púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́mbà náà ṣe wí. Ọ̀rọ̀ ń pariwo sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò lè pariwo nínú ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ ti fò. Ẹni tó bá fi `strength` sí 0.3, tí ó wá gbé agbára ọ̀rọ̀ láti 7.5 dé 15 nítorí kí òru lè dé, òru kọ́ ni yóò rí. Àwọ̀ tó ti jóná ni yóò rí: pupa tó ń ta yanyan, òjìji dúdú bí èédú, ara ìyá tó ń dán bí ike. Nígbà tí àwọ̀ bá ti rí báyìí, kí onítọ̀hún mọ̀ pé ó ń bá ọ̀rọ̀ jà ní ibi tí kò ti ní àyè. Àtúnṣe rẹ̀ kò sí lórí nọ́mbà yẹn.

Ọ̀nà kan wà láti mọ ẹni tó jẹ̀bi láàrin eruku àti ọ̀rọ̀, ìyàlẹ́nu sì ni pé àwọn tó ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ yìí kì í sábà lò ó. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìtọ́ni sílẹ̀ lófìfo, `prompt=""`, kí `strength` àti `seed` má yí padà, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ohunkóhun tó bá yí padà nínú àwòrán yẹn, eruku ló yí i padà, nítorí ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Bí òpó Mápó bá ti wọ́ nínú àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀, kò sí àròkọ tí ènìyàn lè kọ tí yóò nà án padà.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí a gba iṣẹ́ òru lọ́wọ́ ọ̀rọ̀, kí a gbé e fún fọ́tò. Kò ṣe tuntun. Nígbà tí Chenlin Meng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà tí wọ́n pè ní SDEdit jáde ní ọdún 2021, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n fi hàn ni àwòrán tí ènìyàn fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kùn wúruwùru, tí ẹ̀rọ wá sọ di ohun tó dà bí fọ́tò. Ọwọ́ ènìyàn ló pín ilẹ̀. Ẹ̀rọ ló kọ́lé. Olóòtú wa náà lè ṣí fọ́tò rẹ̀ nínú GIMP, kí ó da òkùnkùn bò ó, kí ó fa gbogbo àwọ̀ sí ọ̀nà búlúù, kí ó kun ojú ọ̀run ní dúdú tó lọ́wọ́ aró, kí ó fi àwọ̀ funfun ya òbìrìkìtì kan síbi tí ó fẹ́ kí òṣùpá wà, kí ó sì fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kan èjìká ìyá náà láti ìhà òṣùpá. Kò gbọdọ̀ dára. Bí ó bá tilẹ̀ dà bí iṣẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, eruku yóò bo àléébù rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún un.

Nígbà tí àwòkọ bá ti jẹ́ òru, 0.45 tàbí 0.5 ti tó, nítorí ohun ńlá tí ó yẹ kó yí padà ti yí padà kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtọ́ni náà yóò kúrú: àwòrán ọ̀dà, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, bóyá irú búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́. Ohun tí fọ́tò ti ń sọ, kí ọ̀rọ̀ má tún un sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá tún ń dárúkọ aṣọ, ńṣe ni ó ń pe ẹ̀rọ láti wá ya aṣọ mìíràn lé èyí tó wà nílẹ̀.

Ó ku aṣọ fúnra rẹ̀. Ní 0.5, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu, kódà ní 0.2 ewu ṣì wà. Orí fọ́tò gan-an kọ́ ni ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń kọ́kọ́ ká a kéré, tí fọ́tò tí ó jẹ́ 512 ní 512 yóò fi di 64 ní 64. Gbogbo ohun tó wà nínú àyè 8 ní 8 ti di ẹ̀yọ kan ṣoṣo. Ṣíbí tí kò fẹ̀ ju àmì mẹ́rin lọ lójú fọ́tò ti sọnù kí eruku tó dé. Nítorí náà, kí fọ́tò tóbi bí agbára kọ̀ǹpútà bá ṣe gbà, kí a sì bo aṣọ.

Ìbò yìí kì í ṣe ohun àjèjì sí aláró. Àwòrán dúdú àti funfun kan ni, tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ibi funfun ni kí ó ṣiṣẹ́, kí ó má fọwọ́ kan ibi dúdú. Ohun tí ẹ̀kọ ń ṣe fún aró ni ó ń ṣe: ibi tí ó bá wà, àwọ̀ kò ní wọ ibẹ̀. Kí olóòtú fa ìbò yí ìró ìyá náà ká, kí ó jẹ́ kí etí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, nítorí etí tó gé mú máa ń dà bí aṣọ tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé lẹ̀ mọ́ àwòrán. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé aṣọ inú fọ́tò rẹ̀, èyí tó ti fi òkùnkùn àti búlúù bò nínú GIMP, padà sórí àbájáde, nítorí pé ibi tí ìbò pa mọ́ pàápàá ti gba inú 64 ní 64 yẹn kọjá. Àwọn irinṣẹ́ kan ń lẹ̀ ẹ́ padà fúnra wọn, àwọn mìíràn kì í ṣe é. Kí ó wá ka òpó. Bí mẹ́rin bá hàn nínú fọ́tò, mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ wà lórí èèpo ìwé.

Wọ́n lè sọ pé aṣọ inú fọ́tò kò ní bá ara àwòrán ọ̀dà mu. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ojú tó mọ̀ ọ́n wò yóò rí i pé ìró náà mú ju ọwọ́ tó gbé lé e lọ. Ṣùgbọ́n nínú àbùkù méjèèjì, èyí sàn. Àwòrán tí aṣọ rẹ̀ mú jù ṣì jẹ́ àwòrán ìyá tó ró Ìbàdàndùn. Èyí tó bára mu rẹ́gí tí aṣọ rẹ̀ kò ní orúkọ ti di àwòrán ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ obìnrin kan ló fa ìlà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó mọ ohun tí ó ń fà.

Kí ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò kíyè sí orúkọ tí irinṣẹ́ rẹ̀ ń lò, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni nọ́mbà wọn dojú kọ ọ̀nà kan náà. Nínú API àkọ́kọ́ ti Stability AI, `image_strength` ni wọ́n ń lò, bí ó bá sì ti súnmọ́ 1 ni àbájáde ń jọ fọ́tò. Nínú èyí tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe tẹ̀lé e, ó di `strength`, tí 0 jẹ́ fọ́tò gan-an, tí 1 sì dà bí ẹni pé fọ́tò kò sí. Ní Midjourney, `--iw` ni, bí ó ti ń pọ̀ sí i ni àwòkọ ń lágbára sí i. Kì í sì í ṣe bíbu eruku sórí fọ́tò, nítorí náà kò ṣèlérí pé ìyá náà yóò jókòó síbi tó jókòó sí.

InstructPix2Pix, tí Tim Brooks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2022, ti ya òṣùwọ̀n méjèèjì sọ́tọ̀: nọ́mbà kan fún ọ̀rọ̀, òmíràn fún àwòrán, wọ́n sì fún ẹ̀rọ ní fọ́tò láti máa wò ní gbogbo ìgbésẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, bíi FLUX.1 Kontext ti ọdún 2025, ń gba àṣẹ bíi "sọ ọ́ di òru" láìbéèrè pé kí a yan ibi tí eruku yóò dé, òru sì ń dé láìjẹ́ pé ìyá di ẹlòmíràn. Ìlọsíwájú gidi ni. Síbẹ̀, gbogbo àwòrán ni wọ́n ń tún yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ìró náà, orúkọ Ìbàdàndùn kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ nínú wọn. Òpó mẹ́rin lè di márùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Ìbò àti kíkà ṣì pọn dandan, kí fáìlì tó kúrò lọ́dọ̀ olóòtú lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.